Bí Máníjà Bá Ní Kí O Mú Ẹ̀rí Wá

Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ Ẹtì.

Bùkọ́lá mi ọ̀wọ́n,

A dúpẹ́ pé ara ti ń yá. Mo ka ọ̀rọ̀ tí máníjà yín fi ránṣẹ́ láàárọ̀, pé wọ́n rí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù lánàá, àti pé kí o mú ìwé dókítà wá kí o tó wọṣẹ́. Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ. Jọ̀ọ́, má tíì dáhùn títí o fi ka èyí tán.

Nǹkan méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, má sì pa wọ́n pọ̀. Ó ń béèrè ẹ̀rí, ó sì ń ṣiyèméjì. Ti ẹ̀rí rọrùn. Ní Bìrìtéènì níbí, bí àìsàn kò bá ju ọjọ́ 7 lọ, òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́rìí ara rẹ̀, kì í ṣe dókítà. Fọ́ọ̀mù ni wàá kọ nígbà tí o bá padà. Bí ilé iṣẹ́ yín kò bá ní tirẹ̀, fọ́ọ̀mù ìjọba tí wọ́n ń pè ní SC2 wà lórí GOV.UK. Gbogbo ọjọ́ ni wọ́n ń kà o, títí kan ọjọ́ tí o kì í ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́gun sí Ẹtì jẹ́ ọjọ́ 4, nítorí náà o ò tíì dé ibi ìwé dókítà. Bí o bá tilẹ̀ lọ bá jípíì, dókítà àdúgbò rẹ, ó lè gba owó lọ́wọ́ rẹ, torí kì í ṣe dandan fún un láti kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ọjọ́ 7 tó pé. Ilé iṣẹ́ míì máa ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àwọn fẹ́ ìwé ṣáájú. Wo tiyín. Bó bá wà níbẹ̀, béèrè ẹni tí yóò san owó náà.

Iyèméjì ló le díẹ̀. Ohun tó dà á láàmú ni pé ẹni tó ń rìn ní ṣọ́ọ̀bù kò jọ aláìsàn. Ṣùgbọ́n ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ẹ wà: ẹni tó bì tàbí tó ya ìgbẹ́ gbuuru kò gbọdọ̀ wọlé títí wákàtí 48 yóò fi kọjá lẹ́yìn tó dá, kí ó má baà kó o ràn wọ́n. Tìrẹ dá ní aago 8 alẹ́ Ọjọ́rú, o ò sì lè wọṣẹ́ títí di aago 8 alẹ́ òní. Aago yẹn gan-an ni ìdáhùn rẹ. Má sọ pé o ò dé ṣọ́ọ̀bù. Bí o bá sẹ́, tí ẹlòmíì sì rí ẹ, irọ́ ló máa di ẹjọ́, àìsàn á sì di ìtàn.

Kọ ọ́, má pè é, kí àkọsílẹ̀ lè wà. Yí i sí Gẹ̀ẹ́sì báyìí:

"Ẹ káàsán. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ Ajé. Mo pe ọ́fíìsì ní aago 6:30 àárọ̀ Ìṣẹ́gun. Ó dá ní aago 8 alẹ́ Ọjọ́rú, mo sì ń dúró de wákàtí 48 gẹ́gẹ́ bí òfin ilé wa. Lóòótọ́ ni mo dé ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ láti ra oúnjẹ. Mo lè wọṣẹ́ ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, màá sì kọ fọ́ọ̀mù àìsàn lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí mìíràn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ irú rẹ̀ àti ibi tí òfin ilé iṣẹ́ ti béèrè rẹ̀."

Ó parí. Má fi "mo fi Ọlọ́run búra" kún un. Láàárín àwa, ìbúra máa ń tu ọkàn ẹni lára, ṣùgbọ́n létí òyìnbó ó dà bí ẹni tí kò ní nǹkan míì lọ́wọ́. Má fi fọ́tò oògùn ránṣẹ́ pẹ̀lú, kò fi ẹni tó lò ó hàn. Wo àkọsílẹ̀ ìpè nínú fóònù rẹ kí o tó kọ aago 6:30, torí bí aago kan bá yàtọ̀, òun ló máa dì mú. Bó bá sọ pé òun fẹ́ bá dókítà rẹ sọ̀rọ̀, òfin ọdún 1988 ní kò lè gba ìròyìn látọ̀dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú rẹ láìjẹ́ pé o fọwọ́ sí i.

Gbogbo èyí dúró lórí pé òtítọ́ lo sọ. Bí apá kan bá wà níbẹ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀, pè mí kí o tó fi ohunkóhun ránṣẹ́. Má sì gba ìwé dókítà ayédèrú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìyẹn nìkan tó láti lé ẹ kúrò.

Lọ́la, ó ṣeé ṣe kó pè ọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láti béèrè bí ara ṣe rí. Ìyẹn kì í ṣe ìgbẹ́jọ́. Ohun tí o kọ ni kí o sọ, kí o sì ka ohun tó kọ sílẹ̀ kí o tó fọwọ́ sí i. Bí lẹ́tà bá dé pé ìgbẹ́jọ́ ìbáwí ni, o lẹ́tọ̀ọ́ láti mú òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan dání. Fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kíákíá.

Èmi ni,
Fọlákẹ́.