Ẹ tú bíìlì yìí palẹ̀ kí n tó san án

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìṣirò Owó Aláìsàn,

Ẹ kú iṣẹ́, mo kí yín o.

Lórí bíìlì àbúrò mi ọkùnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àpẹ́ńdíìsì fún lọ́dọ̀ yín, ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì 14, ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ara rẹ̀ ti ń yá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ àwọn dọ́kítà yín. Mi ò ní ẹ̀sùn kankan lórí ìtọ́jú. Ìwé owó ló gbé mi wá.

Ìwé tí kásíà kọ́kọ́ nà sí mi ní Ọjọ́ Ẹtì kò ju ìlà márùn-ún lọ: bẹ́ẹ̀dì, oògùn, àyẹ̀wò, yàrá iṣẹ́ abẹ, àti ohun tí wọ́n pè ní "oríṣìíríṣìí". Àròpọ̀ wà nísàlẹ̀, ó parí. Mo ní kí wọ́n tú u palẹ̀ fún mi. Kásíà ní kí n san án ná, pé bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, wọ́n á dá owó padà. Ta ni kò mọ̀ pé owó tó bá ti wọlé sí irú ibi bẹ́ẹ̀ kì í tètè jáde? Bíìlì tí a kò tíì san, ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà lè tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Èyí tí a ti san, ó di ìwé ẹ̀bẹ̀, ó di kí ọ̀gá kan fọwọ́ sí i kí òmíràn tó fọwọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró.

Nígbà tí wọ́n wá tẹ ìwé kíkún fún mi, mo bẹ mátíróònù wọ́ọ̀dù kó jẹ́ kí n rí ṣáátì oògùn àbúrò mi, mo sì fi ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Iye tí ẹ ń ta ohun kọ̀ọ̀kan kọ́ ni mo ń bá yín jà lé lórí, ẹ ti kọ ìyẹn sílẹ̀ kí a tó gba bẹ́ẹ̀dì. Iye ìgbà tí ẹ kà á ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí fílájìlì, torí òun ló hàn jù. Bíìlì yín sọ pé ìgò 12 ni ẹ fún un, ti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fà sí iṣan, ìgò kan jẹ́ mílílítà 100. Dọ́kítà kọ ọ́ pé kí wọ́n máa fún un ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ lọ́nà mẹ́rin sì jẹ́ 12 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ṣáátì. Àpótí kéékèèké ló wà níbẹ̀ fún aago mẹ́fà àárọ̀, aago méjì ọ̀sán àti aago mẹ́wàá alẹ́, nọ́ọ̀sì tó bá fún un ló ń kọ orúkọ rẹ̀ ní ìkékúrú sínú àpótí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mẹ́ta. Ọjọ́rú, mẹ́ta. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹyọ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan fa gègé gba inú gbogbo àpótí tó kù kọjá, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé dọ́kítà ti yí i sí oníhóró. Ìgò méje ló wọ ara àbúrò mi. Ìwé àwọn nọ́ọ̀sì tún sọ pé wọ́n dá ìgò márùn-ún tí a kò ṣí padà sí ilé oògùn ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ohun tí dọ́kítà kọ́kọ́ béèrè ni kọ̀ǹpútà yín kà, kì í ṣe ohun tí wọ́n fún un, kò sì sẹ́ni tó yọ èyí tó padà wá kúrò. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú bíìlì fúnra rẹ̀: ní Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Ẹtì, fílájìlì inú ìgò àti ti oníhóró jọ wà lórí ìlà tó tẹ̀ lé ara wọn. Mi ò ní kí ẹ yọ ohun tí ẹ ti ṣí o. Abẹ́rẹ́ ìrora tí wọ́n fa ìdajì rẹ̀ tí wọ́n sì da ìyókù nù, odindi la ó san, torí ẹ ò lè fún ẹlòmíràn mọ́.

Èkejì ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ní òru Ọjọ́ Ajé mọ́jú Ìṣẹ́gun, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti wo kíndìnrín àti iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò alápapọ̀ ni, ó ní orúkọ kan, ó sì ní iye kan lórí bíìlì. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni mo tún rí sódíọ̀mù, potásíọ̀mù, yúríà àti kiriátínínì, oníkálukú pẹ̀lú owó tirẹ̀, ọjọ́ kan náà, nọ́ńbà ìgò ẹ̀jẹ̀ kan náà. Inú àkọ́kọ́ yẹn ni gbogbo wọn wà! Potásíọ̀mù kan tún wà ní Ọjọ́rú. Nọ́ńbà ìgò rẹ̀ yàtọ̀, ọjọ́ rẹ̀ yàtọ̀, dọ́kítà ló ní kí wọ́n tún un wò. Mo gbà pé ó yẹ ká san ìyẹn.

Ti bẹ́ẹ̀dì kò gùn. Aago mẹ́wàá alẹ́ Ọjọ́ Ajé la wọlé, àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ìwé ìlànà tí ẹ lẹ̀ mọ́ ara káńtà sọ pé ẹni tó bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní aago méjìlá òru ni ẹ ń ka ọjọ́ fún. Òru mẹ́rin nìyẹn. Ẹ kọ márùn-ún.

Ní ti yàrá iṣẹ́ abẹ, mi ò tíì sọ pé ẹ jẹ̀bi. Ẹ gba owó "àkójọ ohun èlò" kan, ẹ sì tún ka ìbọ̀wọ́, gọ́ọ̀sì àti òwú ìránṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lè jẹ́ pé wọ́n lo kọjá ohun tó wà nínú àkójọ náà. Ẹ jẹ́ kí n rí ohun tó wà nínú rẹ̀, mi ò ní wí nǹkan mọ́. "Oríṣìíríṣìí" ní tirẹ̀ kò ní ọjọ́, kò ní iye, kò ní orúkọ kankan. Mi ò ní san án títí yóò fi ní wọn.

Ohun kan tún kù tí ẹ ò kọ. Nọ́ọ̀sì pààrọ̀ báńdéèjì ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ojú mi ló ṣe é. Kò sí lórí bíìlì. Ẹ fi kún un.

Ohun tí mo ń béèrè ni bíìlì tuntun tí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní ọjọ́, orúkọ ohun náà, iye tí wọ́n lò, iye owó ẹyọ kan àti àròpọ̀ rẹ̀. Kí ohun tí a dá padà hàn níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àyọkúrò, kí owó tí a san sílẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́ Ajé náà sì hàn, torí ìwé méjèèjì tí ẹ fún mi kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ìlà tí mi ò fi igi sí lórí ẹ̀dà tí mo so mọ́ lẹ́tà yìí, mo ṣe tán láti san wọ́n lónìí. Ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé apá kan owó ni, àti pé ìyókù wà lábẹ́ àyẹ̀wò, kí orúkọ àbúrò mi má baà wọ ìwé àwọn ajigbèsè kó tó padà wá yọ okùn ojú ọgbẹ́. Mo so ẹ̀dà ṣáátì oògùn àti ìwé tí àwọn nọ́ọ̀sì fi dá ìgò padà mọ́ ọn.

Èmi ni tiyín,
Ẹ̀gbọ́n aláìsàn bẹ́ẹ̀dì 14