Ọ̀rọ̀ Àkànbí àti lọ́tò

Ṣẹ́fíìdì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àmójútó Màmá. Òtútù ti dé níbí, ṣùgbọ́n ara mi le. Ọ̀rọ̀ Àkànbí ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ó ti tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ fún mi lórí fóònù, ó sì ní kí n bá òun sọ fún yín, torí ojú yín ń ti òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó pè é.

Owó tó ń dín ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń bá wọn tajà ní Tákíẹ́ yẹn, òun ló ń mú un. 38,000 náírà ni. Kò fi mutí, kò fi ra aṣọ. Lọ́tò ló fi ta.

Ilé lọ́tò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n lẹ ṣáàtì mọ́ ara ẹ̀, ìwé gbàgàdà tí èsì àtẹ̀yìnwá kún inú ẹ̀, tí wọ́n fi bírò pupa yí nọ́ńbà ká, tí wọ́n sì fa ìlà láti orí ọ̀kan dé orí èkejì. Bí ọjà bá ti dá, iwájú ẹ̀ ni Àkànbí ń lọ dúró sí. Ó ní 37 ti pẹ́ tó ti jáde kẹ́yìn, pé ó ti pọ́n. Ọjọ́ tí 36 bọ́, gbogbo wọn pariwo pé ó kù díẹ̀. Bọ̀dá, kò kù díẹ̀ rárá! Bọ́ọ̀lù 90 ni wọ́n ń dà sínú ẹ̀rọ, márùn-ún ni wọ́n ń mú. Bọ́ọ̀lù ò mọ ìgbà tí òun jáde kẹ́yìn.

Jákúpọ́ọ̀tì tó ń lé ni pé kí márààrún bọ́ bó ṣe kọ ọ́. Ọ̀nà tí nọ́ńbà márùn-ún lè gbà jáde lé ní mílíọ̀nù 43, ẹyọ kan péré sì ni tiẹ̀. Ká ní èyí nìkan ló ń ta ni, ì bá ti sú u. Pámù ló dè é mọ́lẹ̀. Á kọ nọ́ńbà mẹ́wàá, á ní kí wọ́n so wọ́n ní méjì-méjì. Ìyẹn jẹ́ ìlà 45. Bó bá fi 20 náírà sórí ìlà kọ̀ọ̀kan, 900 náírà ló san. Bí méjì bá bọ́ nínú ẹ̀, wọ́n á san 20 náírà yẹn ní ìlọ́po 240, ìyẹn 4,800.

Mo jókòó ṣe ìṣirò ẹ̀ níbi iṣẹ́ lóru, nígbà tí àwọn arúgbó ti sùn. Nọ́ńbà mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ á máa jẹ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 11. Ìgbà 11 ti gba 9,900 lọ́wọ́ ẹ̀, 4,800 ló sì sábà máa ń padà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan mẹ́ta á bọ́, á gba 14,400, á ra míníràlì fún gbogbo wọn, ìròyìn á kàn. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ títí, nínú 100 náírà tó bá san, nǹkan bí 60 ni yóò padà. Jíjẹ tó ń jẹ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kó fi í sílẹ̀.

Nígbà tó wá fẹ́ gba èyí tó lọ padà, ó sọ 20 náírà di 100 lórí ìlà kan. Ìyẹn 4,500 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àpò ẹ̀ ò gbé e, ló bá ṣí dúrọ́ọ̀, ó ní òun á dá a padà kí ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù tó ka owó ní Sátidé. Kò rí i dá padà. Ó wá kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹni pé oníbàárà kan ló kó ọjà láwìn. Bẹ́ ẹ bá yẹ ojú ìwé àwìn yẹn wò, orúkọ kan náà lẹ ó máa rí, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ pé ó san kọ́bọ̀. Ìgbà tí ìyá náà ní òun fẹ́ lọ bá oníbàárà ọ̀hún nílé, ìgbà yẹn ló pè mí.

Ẹ má fún un lówó lọ́wọ́ o. Mo ti fi 20,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ mú un lọ bá ìyá náà, kẹ́ ẹ san án lójú ẹ̀, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ kó máa yọ ìyókù díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù ẹ̀. Níbí, èèyàn lè forúkọ ara ẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn ilé tẹ́tẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì má gbà á wọlé fún oṣù mẹ́fà, ọdún kan tàbí ọdún márùn-ún. Èyí tó ń fi owó ọwọ́ ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ò sí nínú irú ètò yẹn, àwa la máa ṣe tiẹ̀. Kí ìyàwó yín máa bá a gba owó oṣù, kó máa fún un ní owó ọkọ̀ àti oúnjẹ òòjọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú un lọ búra. Bó bá tún ta á lẹ́yìn ìbúra, á fi pa mọ́ fún wa ni, ó sì ṣeé ṣe kó tún ta á. Ẹ máa bi í léèrè, ẹ má pariwo mọ́ ọn.

Ẹ má tíì jẹ́ kí Màmá gbọ́, nítorí ìfúnpá wọn. Ẹ pè mí láàárọ̀ Sátidé, mi ò níṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi àbúrò yín,
Àbẹ̀kẹ́