Ìrẹsì àná àti ẹ̀bẹ̀ ilé oúnjẹ kan

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ilé oúnjẹ kékeré kan ní àdúgbò wa n'Ìbàdàn gbé ẹ̀bẹ̀ sójú ìwé Fesibúùkù rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà mélòó kan ti fi tó wọn létí pé oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ń mú àwọn bì. Èmi náà jẹ nínú ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù yẹn, iṣẹ́ wolé-wolé ni mo sì ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì.

Pé wọ́n tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀ dára. Gbólóhùn kan ni ó mú mi kọ̀wé: wọ́n ní kí á má rò pé ìdọ̀tí ló fà á, nítorí alẹ́ Sátidé ni àwọn ti se ìrẹsì náà, tí àwọn dé e sínú ìkòkò, tí àwọn sì tún gbé e kaná lọ́jọ́ kejì títí ó fi gbóná janjan. Wọ́n rò pé àwọn ń gbèjà ara àwọn ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti jẹ́wọ́.

Kòkòrò àìfojúrí kan sábà máa ń wà lára ìrẹsì tí a kò tíì sè, Basílọ́ọ̀sì sẹ́réọ́sì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó lè wà nínú èèpo líle bí irúgbìn, tí sísè kò fi ní pa á. Bí ìrẹsì bá wá wà nínú ìkòkò ńlá mọ́jú, tí àárín rẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, kòkòrò náà á hù, á máa bí sí i, oríṣi rẹ̀ kan á sì tu májèlé sínú oúnjẹ. Iná ọjọ́ kejì lè pa kòkòrò, kò lè ba májèlé náà jẹ́. Adùn oúnjẹ lè má sì yí padà rárá. Mo jẹ tèmi tán, mo tún fẹ́ bù sí i.

Nǹkan bí wákàtí 3 lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Májèlé tí ó ti wà nínú oúnjẹ a máa ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí 1 sí 6, nígbà tí kòkòrò mìíràn tí wọ́n ń pè ní sàmónẹ́là sábà máa ń gbà ju wákàtí 6 lọ, nígbà mìíràn ọjọ́ 2 tàbí 3. Síbẹ̀, kòkòrò tí ń ti ọwọ́ alásè bọ́ sínú oúnjẹ náà lè tètè múni bì bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò ìrẹsì náà ni ì bá là á, wọ́n sì kọ ọ́ pé àwọn ti da gbogbo rẹ̀ nù. Abọ́ kan nínú fíríìjì, tí a kọ "ẹ má jẹ" sí, ì bá ti tó.

Wọ́n wá ṣèlérí pé àwọn yóò "túbọ̀ máa mú oúnjẹ gbóná dáadáa." Ohun tí mo retí ni pé ìrẹsì tó bá ṣẹ́kù, àwọn yóò tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú tíréè, àwọn yóò sì gbé e sí fíríìjì kí wákàtí 2 tó pé, bí kò bá sí iná lálẹ́, àwọn kò ní í se ti ọ̀la sílẹ̀. Ó sì yẹ kí wọ́n sọ fún ẹni tí omi kò dúró nínú rẹ̀, àti ẹni tí ọmọ kékeré rẹ̀ jẹ níbẹ̀, pé kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn.

Títí di àárọ̀ tí mo ń kọ lẹ́tà yìí, ìlérí àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà lójú ìwé wọn.

Èmi ni,
Wolé-wolé tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn.