Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí ìwé-ẹ̀rí wa ti Lọ́ńdọ̀nù

Àjàṣẹ́, Bẹ̀nẹ̀

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí gbogbo ilé. Àbúrò mi ti bí ọkùnrin ní Kútọnu, ara ìyá wa náà sì ń yá díẹ̀díẹ̀. Ìyókù ìròyìn ilé yóò dé lọ́jọ́ mìíràn, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Ikán wọ inú àpótí ìwé mi. Ìwé-ẹ̀rí GCE tí a jọ gbà ní Yábàá ní 1986 ni wọ́n jẹ jù. Orúkọ mi ṣì hàn lára èyí tí ó kù, orúkọ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ṣì wà lókè, ẹ̀kọ́ mẹ́ta sì ṣì ṣeé kà, ṣùgbọ́n wọ́n ti jẹ gbogbo apá ìsàlẹ̀ lọ, àti nọ́ńbà àti ìbuwọ́lùwé. Ọ̀gá tuntun ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ti sọ pé kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan mú ojúlówó ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wá fún dosíè kí a tó wọlé fún ọdún ẹ̀kọ́ tuntun. Àbẹ̀kẹ́, iṣẹ́ yìí ni mo fi ń bọ́ ilé.

Ohun tí ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé àjọ tí ó fún wa ní ìwé náà kò sí mọ́. Mo fẹ́ kọ̀wé sí Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀, nítorí orúkọ rẹ̀ ni ó wà lórí ìwé, kí ẹnìkan tí ó mọ ọ̀nà náà tó dá mi dúró. Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀ka ìdánwò yunifásítì náà ti yí orúkọ padà, ó sì ti kúrò lábẹ́ rẹ̀: ní 1996, òun àti àjọ ìdánwò mìíràn tí ń jẹ́ BTEC para pọ̀, wọ́n di Edexcel, ilé-iṣẹ́ Pearson sì gba Edexcel lẹ́yìn náà. Ọ̀dọ̀ Pearson ni àkọsílẹ̀ èsì wa wà nísinsìnyí, kò sí ní yunifásítì mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún àwọn tí ó ṣe ìdánwò fífi taipuráítà tẹ̀wé ti àjọ RSA nígbà yẹn. Àjọ OCR ni wọn yóò lọ bá, nítorí pé RSA wọ inú rẹ̀ ní 1998. Ẹni tí ó bá gba ìwé àjọ AEB, ọ̀dọ̀ àjọ AQA ni tirẹ̀. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì to orúkọ àwọn àjọ àtijọ́ wọ̀nyí sí ojú ewé gov.uk, ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó gba iṣẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé orúkọ tí ó wà lókè ìwé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́dún náà, ni a gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn gidigidi pé ikán kò dé ibẹ̀. Ìwọ náà rántí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ní Èkó ni ó ní ìwé WAEC pẹ̀lú ti Lọ́ńdọ̀nù; ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ yóò sanwó kí wọ́n tó sọ fún un pé wọn kò rí orúkọ rẹ̀.

Kí wọ́n tó lè wá ìwé tí ó ti pẹ́ tó báyìí rí, wọn yóò béèrè orúkọ tí mo fi ṣe ìdánwò, ọjọ́ ìbí mi, ọdún àti sáà ìdánwò, nítorí pé ti oṣù kìíní yàtọ̀ sí ti oṣù kẹfà, àwọn ẹ̀kọ́ tí mo ṣe, àti ibùdó tí mo jókòó sí. Wọn yóò sì fẹ́ rí ìwé ìdánimọ̀ mi. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà fún àwa ará ìhín. Ní Èkó, «Ajoke Olajide» ni wọ́n kọ sí ìwé mi. Nínú ìwé ìrìnnà mi ti Bẹ̀nẹ̀, «Adjokè Oladjidé» ni, orúkọ ọkọ mi sì tẹ̀lé e. Etí ọmọ Yorùbá kò ní rí ìyàtọ̀ kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò rí ènìyàn méjì. Nítorí náà mo ti ń wá ìwé ìgbéyàwó mi, àti ìwé láti ọwọ́ aláṣẹ tí yóò jẹ́rìí pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń jẹ́ orúkọ méjèèjì, kí ògbufọ̀ tí ilé-ẹjọ́ mọ̀ sì túmọ̀ wọn láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni pé a kì í sábà tún ìwé-ẹ̀rí àtijọ́ tẹ̀ bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Ohun tí irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fúnni ni ìwé kan tí wọ́n fi ọwọ́ sí, tí ó ń sọ pé lágbájá ṣe ìdánwò báyìí lọ́dún báyìí, ó sì gba èsì báyìí. Mo lọ bá ọ̀gá wa kí n tó náwó, mo sì béèrè bóyá yóò gbà á. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ìwé tí ó kù hàn án, tí mo sì ṣàlàyé bí àjọ náà ti di Pearson, ó ní òun yóò gbà á bí ó bá tọ ọ̀dọ̀ wọn wá. Ìwé tí ikán jẹ náà wà nínú àpò ike. N kò ní sọ ọ́ nù, nítorí òun ni ẹ̀rí mi títí tí òmíràn yóò fi dé.

Ọkùnrin kan ti wá bá mi pé òun lè bá mi ṣe tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Ìbínú ni mo fi lé e. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni ìwé yẹn, Àbẹ̀kẹ́, ìwọ sì mọ bí a ti kàwé fún un lábẹ́ àtùpà. N kò lè fi ayédèrú rọ́pò ohun tí mo gbà ní tòótọ́.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí. Inú gbọ̀ngàn kan náà ni a jókòó sí, ní sáà kan náà, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ni gbọ̀ngàn náà kò sì sí mọ́ kí n tó lè béèrè lọ́wọ́ wọn. Jọ̀wọ́, wá ìwé-ẹ̀rí tìrẹ tàbí ìwé èsì tí wọ́n kọ́kọ́ fún wa, kí o wo nọ́ńbà ibùdó tí ó wà lórí rẹ̀, nítorí ọ̀kan náà ni tèmi. Máa tẹ nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí mi, kí o sì ya àwòrán rẹ̀. Bí ó bá tún rọrùn fún ọ, fi káàdì rẹ san owó náà, èmi yóò fi tèmi rán àbúrò rẹ ní Èkó. Èmi fúnra mi ni n óo bu ọwọ́ lu ìwé ìbéèrè náà, n óo sì kọ lẹ́tà àṣẹ pé kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì rẹ, nítorí pé wọn kì í fi èsì ẹlòmíràn fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ín fọwọ́ sí i. Nígbà tí ó bá dé, má ṣe fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ lásán. Dúró de ẹni tí ó ń bọ̀ wálé.

Sọ fún mi ní kíákíá bí o bá rí i tàbí bí o kò rí i, kí n lè mọ ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ wa tí n óo wá kàn.

Èmi ni tìrẹ nítòótọ́,
Àjọkẹ́