Ibi tí ẹ ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara yín

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí wasáàpù. Bàbá rẹ náà gbọ́ díẹ̀ kí oorun tó gbé e lọ. Má bínú sí i, oko ló ti dé. Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ sọ níwájú àwọn olùkọ́ yín, lórí tòmátì tó ń ti Kánò bọ̀ wá sí ọjà Máìlì 12, yé mi dáadáa. Àmọ́ ẹ̀yin mẹ́rin lẹ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni mo sì gbọ́.

Ibi mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu ẹnìkan sí ẹnu òmíràn ló bà á jẹ́. Ẹni tó ń parí á ní, "Ibi tí tèmi mọ nìyẹn o, mo fà á lé ẹnìkejì mi lọ́wọ́." Lẹ́yìn náà mo ń gbọ́ bàtà, mo ń gbọ́ tí ẹ ń wá máìkì, ẹlòmíì á tún bẹ̀rẹ̀: "Ẹ káàsán o, orúkọ mi ni…" Mo fi aago wò ó. Nínú ìṣẹ́jú 16 tí wọ́n fún yín, bí ìṣẹ́jú kan ló ṣòfò síbẹ̀.

Nígbà tí mo ṣì ń ka ìròyìn ní rédíò, àwa méjì la máa ń jókòó sídìí máìkì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹnìkejì mi yí gbólóhùn ìparí rẹ̀ padà láìsọ fún mi. Èmi ń dúró de ọ̀rọ̀ tí mo ti fàlà sí nídìí, ọ̀rọ̀ ò dé. Bóyá la dákẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n òógùn bò mí nínú yàrá tó tutù bíi yìnyín. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń kọ gbólóhùn ìparí ẹni tó ṣáájú mi sórí ìwé tèmi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe náà nìyẹn. Ẹ jókòó ní méjì-méjì, ẹni tó ń parí àti ẹni tó ń gbà á, kí ẹ jọ kọ gbólóhùn méjì: ìkẹyìn tẹni ìṣáájú àti àkọ́kọ́ tẹni tó tẹ̀lé e. Ẹ há a sórí. Ìyókù, ẹ lè sọ ọ́ bó bá ṣe wá sẹ́nu. Bí àpẹẹrẹ, kí ìwọ tí o máa ṣáájú parí báyìí: "Èyí tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́." Kí ẹni kejì gbà á: "Ìdí tó fi jẹ́ tìsàlẹ̀ ni pé apẹ̀rẹ̀ rọ̀, gbogbo ẹrù òkè ló ń tẹ̀ ẹ́." Ṣé o rí i pé kò sẹ́ni tó kí ẹnikẹ́ni? Ìwọ ni kó o dárúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbẹ̀rẹ̀, ká má tún gbọ́ orúkọ mọ́.

Ìsopọ̀ kẹta ló le jù, torí láti orí kíréètì oníke lẹ ti ń fò sórí owó. Ìbéèrè ló máa dára níbẹ̀: "Kíréètì gba tòmátì là, ta ni yóò wá sanwó rẹ̀?" Àmọ́ ibẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ ti béèrè o. Tẹ́ ẹ bá ṣe é nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn olùkọ́ yín á ti mọ̀ pé ọgbọ́n lẹ ń dá.

Mo tún gbọ́ ẹnìkan tó ń pè é ní apẹ̀rẹ̀, tí òmíràn ń pè é ní agbọ̀n. Ẹ mú ọ̀kan.

Ní ti ara yín, kí ẹni tó kàn ti dìde kó tó kàn án, kó dúró bí ìṣísẹ̀ méjì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe sílàìdì tó kàn gbé orúkọ àti àkọlé ẹni tó kàn. Ẹ jẹ́ kí àwòrán tòmátì tó fọ́ yẹn wà lójú ògiri títí ẹni kejì á fi sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ tán, kó tó wá tẹ èyí tó kàn. Ojú ló máa so yín pọ̀ nígbà náà. Bí ẹnìkan bá sì gbàgbé ọ̀rọ̀, tó bá ti wo ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ìyẹn sọ gbólóhùn ìparí náà fún un, kó sì máa bá tiẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni méjì fi gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ẹ má wulẹ̀ máa tún gbogbo ìṣẹ́jú 16 sọ. Ààbọ̀ ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn tẹnìkan àti ààbọ̀ ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ẹni tó tẹ̀lé e, níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni. Ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ẹ tó lọ jẹun ọ̀sán.

Fi ohùn míì ránṣẹ́ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ibi mẹ́ta yẹn nìkan ni mo fẹ́ gbọ́. Bàbá rẹ ní òun náà ò ní sùn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ