Ẹ̀sùn lórí àkọsílẹ̀ fídíò ìṣẹ́jú méjì tí ẹ ṣe fún Ọjọ́ Àbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ wa

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ yín,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmójútó. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò Ọjọ́ Àbẹ̀wò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama wa. Èmi náà ni mo fi ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ tí ọ̀gá wa kọ ránṣẹ́ sí yín pé kí ẹ sọ ọ́ di àkọsílẹ̀ fún fídíò ìṣẹ́jú méjì. Fídíò náà ti dé ọwọ́ wa. Àwòrán rẹ̀ mọ́, ẹni tó gbé kámẹ́rà yín sì mọṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni ẹ̀sùn mi dá lé, nítorí ó ti fi ìlérí tí ọ̀gá wa kò ṣe sí wọn lẹ́nu, àwọn òbí sì ti ń pè wá lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dùn wá jù. Ohun tí ọ̀gá wa kọ ní ojú ìwé karùn-ún nìyí: "Bí ọmọ bá jókòó ṣe ìdánwò ìwọlé wa, tí ó sì wà lára àwọn mẹ́ta tí máàkì wọn ga jù lọ, ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́ ni òbí rẹ̀ yóò san." Ohun tí wọ́n ń gbọ́ nínú fídíò yín ni: "Ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́ ni òbí yóò san." Ọmọ mẹ́ta ti di gbogbo ọmọ, ọdún kan ti di gbogbo ọdún, ìdánwò ìwọlé sì ti dàwátì. Bàbá kan pè láti béèrè bóyá àwọn ọmọ òun méjì tó ti wà lọ́dọ̀ wa yóò rí owó gbà padà. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn bàbá náà. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n béèrè.

Nígbà tí mo pe ọ́fíìsì yín, èsì tí wọ́n fún mi ni pé àwa la ní kí ẹ gé ọ̀rọ̀ náà kúrú. Òótọ́ ni, àwa la sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí gbólóhùn náà ṣe tò. Nínú èdè wa, "bí ó bá jẹ́ báyìí" ló máa ń ṣíwájú, ìlérí á wá tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò gé, tó sì ń wo ìparí gbólóhùn bíi pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gangan wà, orí ni yóò máa gé dànù, orí yẹn gan-an ni àdéhùn wà. Mo yẹ gbogbo àkọsílẹ̀ yín wò, irú nǹkan yìí sì tún ṣẹlẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ ilé ìbùsùn. Ọ̀gá wa ní láti kíláàsì kẹrin girama sókè ni ọmọ lè máa gbé inú ọgbà, tiyín ní "ọmọ lè máa gbé inú ọgbà." Òbí ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá gbọ́ èyí lè di ẹrù ọmọ rẹ̀ wá.

Gígé tí a ní lọ́kàn yàtọ̀ sí èyí. Tí àyè kò bá gba ìlérí pẹ̀lú àdéhùn rẹ̀, ńṣe ni ká yọ méjèèjì kúrò, kí òbí wá bi wá lẹ́nu ọ̀nà. Tí a bá sì fẹ́ kí ó wà níbẹ̀, kò le láti sọ ọ́ ní kúkúrú. Bí a ṣe tún un kọ nìyí: "Ìdánwò ìwọlé wà. Ọmọ mẹ́ta tó bá ṣe dáadáa jù ni yóò san ìdajì owó, fún ọdún àkọ́kọ́ nìkan." Mo kà á sókè bí ẹni ń bá òbí sọ̀rọ̀, kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ, kò sì sí ohun tó bọ́ sọnù nínú rẹ̀.

Ohun tó tún ká mi lára ni pé àyè tí ẹ ní kò tó fún àdéhùn yìí, ìkíni àwọn èèyàn pàtàkì ni ẹ fi í ṣe. Láti ìbẹ̀rẹ̀ fídíò títí dé nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, Kábíyèsí ni wọ́n ń kí, alága ìjọba ìbílẹ̀, alága ẹgbẹ́ òbí òun olùkọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, àti àwọn oníròyìn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù lè bà yín láti yọ orúkọ oyè kúrò nínú ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà kọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀gá wa ń kí níbẹ̀ yóò jókòó níwájú wọn ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, wọn yóò sì gba ìkíni wọn pé pérépéré. Fídíò kò ní bá wọn jókòó. Ìyá ọlọ́mọ ni yóò wò ó lórí fóònù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láàárín oníbàárà méjì, òun sì ni ó yẹ ká kí. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin òbí wa" ti tó, kí ọ̀gá wa fúnra wọn sì wo ojú kámẹ́rà sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ìṣẹ́jú náà tún wà ńlẹ̀. Ojú ìwé méje ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá wa. Tí wọ́n bá rọra kà á, ojú ìwé kan máa ń gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú méjì àbọ̀. Èyí fi hàn pé ìṣẹ́jú méjì kò gba ojú ìwé kan tán rárá, ká má tíì sọ àyè tí àwòrán nílò láti mí. Àkọsílẹ̀ yín gùn tó ojú ìwé kan àbọ̀. Tí èèyàn bá kà á bó ṣe yẹ, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kí ó lè wọ inú ìṣẹ́jú méjì, ẹ ní kí ẹni tó ń kà á máa sáré. A ń gbọ́ ọ bó ṣe ń sáré. Kò mí láàárín ọ̀rọ̀ ilé ìbùsùn àti ọ̀rọ̀ owó, àwọn òbí kan sì rò pé àwọn ọmọ ilé ìbùsùn nìkan ni ìdajì owó náà wà fún.

Ó dà bíi pé iye ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìwé ni ẹ kà, tí ẹ fi gbà pé yóò wọ inú rẹ̀. Ìyẹn kò ṣeé gbára lé, pàápàá níbi tí nọ́ńbà bá wà. Ọdún tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ wa sílẹ̀, 1978, ọ̀rọ̀ kan péré ni lójú ìwé. Ní ẹnu ẹni tó ń kà á, ẹgbàá ọdún ó dín méjìlélógún ni. Ó ti di gbólóhùn. Ibi mẹ́rin ni irú ọdún bẹ́ẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ yín, kò sì sí òbí tó fẹ́ mú ọmọ wọlé tí yóò rántí ọ̀kan nínú wọn. Tó bá pọn dandan, kí 1978 hàn lójú fídíò lábẹ́ àmì ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹnikẹ́ni má pè é. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ láti wọn irú iṣẹ́ yìí ni kí èèyàn kà á sókè, kí aago fóònù máa lọ, kí ó sì dánu dúró níbi tí àwòrán bá ti ní kí ó dúró.

Àwòrán ló kù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Nígbà tí ohùn ń sọ pé "a ní yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó kún fún irinṣẹ́ ìgbàlódé", géètì wa ni à ń wò. Ẹ sì ti ya èyí tó dára jù nínú yàrá ìwádìí náà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ yà á: ọmọbìnrin kíláàsì kẹfà kan ń múra ìdánwò àṣekágbá, ó ń kán ásíìdì díẹ̀díẹ̀ láti inú bùrẹ́ẹ̀tì sínú ìgò tí omi inú rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń mi ìgò náà, ó tẹjú mọ́ ọn, àfi bí ẹ̀kán kan ṣe bọ́ sínú rẹ̀ tí àwọ̀ náà parẹ́ lójijì, ó sì rẹ́rìn-ín. Nínú fídíò, kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì tí a fi rí i, ẹ sì gé e kí àwọ̀ tó parẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó hàn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ láìsí ọ̀rọ̀ kankan lórí rẹ̀. Gbogbo ìpínrọ̀ tí ọ̀gá wa fi ṣàlàyé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, tó gba ojú ìwé kan gbáko, ohun tí ọmọ yẹn ń ṣe ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó bá ti rí i kò nílò kí a tún sọ fún un pé irinṣẹ́ wà.

Kí iṣẹ́ náà lè yá, mo ti fi àkọsílẹ̀ tuntun sínú àpòòwé yìí, a sì ti kọ àwòrán sí apá òsì, ọ̀rọ̀ sí apá ọ̀tún, ní ìlà ní ìlà, kí ẹni tó ń to fídíò lè mọ èyí tó bá èyí lọ. Ọ̀gá wa á kí àwọn òbí, wọn á sì sọ ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ kí òbí gbà gbọ́ nípa ilé-ẹ̀kọ́ náà, pé kò sí kíláàsì wa tó ju ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Ìyẹn á gba ìṣẹ́jú àáyá ogún. Lẹ́yìn náà ni yàrá ìwádìí, ilé oúnjẹ, àti ilé ìbùsùn pẹ̀lú kíláàsì tó lè gbé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdánwò àti owó ló kàn, bí mo ṣe kọ ọ́ sókè yìí. Ìṣẹ́jú àáyá ogún tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti ọjọ́, aago, géètì tí wọn yóò gbà wọlé, àti ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tí wọn yóò mú wá. Kí gbogbo èyí wà ní kíkọ lójú fídíò pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń wo fídíò Wátsáàpù láì ṣí ohùn rẹ̀. Nínú tiyín, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n pe ọjọ́ náà, kò sì sí níbi kankan ní kíkọ.

Ọ̀gá wa ti ka àkọsílẹ̀ tuntun yìí, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ yín ni pé kí ẹ yọ fídíò àkọ́kọ́ kúrò ní ojú ìwé yín lórí ayélujára lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ sì fún wa ní ìwé tí a lè fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí pé ọ̀rọ̀ ìdajì owó yẹn kò ti ọ̀dọ̀ ọ̀gá wa wá. Kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó kà á tún un kà, kí ẹ sì to àwọn àwòrán tí ẹ ti yà tẹ́lẹ̀ bó ṣe wà nínú àkọsílẹ̀. A kò ní kí ẹ tún wá yàwòrán, yàtọ̀ sí ti ọ̀gá wa tí wọn yóò wo ojú kámẹ́rà. Ìdajì owó iṣẹ́ tó kù wà lọ́dọ̀ akápò wa. A ó san án lọ́jọ́ tí a bá gba fídíò tí ohùn rẹ̀ bá àkọsílẹ̀ tí a fọwọ́ sí mu, kí ó sì jẹ́ kí ó tó di ọ̀sẹ̀ tí a ó ṣe Ọjọ́ Àbẹ̀wò.

Mò ń retí èsì yín ní kíkọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé ìgbìmọ̀ Ọjọ́ Àbẹ̀wò