Kí bọ́ọ̀sì tó gbéra: lẹ́tà sí ọmọ mi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ka ètò tí o kọ fún àwọn àlejò tó ń ti òkèèrè bọ̀ wá síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ. O kú iṣẹ́. Ibì kan péré ló kọ mí lóminú. O ní bọ́ọ̀sì oníjókòó 28 kan ṣoṣo ni yóò kó èèyàn 78 láti òtẹ́ẹ̀lì lọ sí gbọ̀ngàn, pé ìgbà mẹ́ta ni yóò lọ. Ìṣirò èèyàn yẹn tọ́, ó tilẹ̀ ṣẹ́ku àga mẹ́fà fún àwọn tí kò fi orúkọ sílẹ̀. Ìṣirò àkókò ni kò dúró.

Jẹ́ ká jọ kà á. O ní ìṣẹ́jú 25 ni ọ̀nà, ṣùgbọ́n àlọ nìkan nìyẹn. Kí èèyàn 28 tó sọ̀ kalẹ̀ tán, tí ìyá àgbà kan ń wá ọ̀pá rẹ̀, tí ẹnì kan sáré padà lọ mú ẹ̀bùn tó gbàgbé sórí àga, ìṣẹ́jú 10 ti lọ. Àbọ̀ lófìfo, ìṣẹ́jú 25. Kí àwọn mìíràn tó wọlé jókòó, ìṣẹ́jú 10 míì. Gbogbo rẹ̀ di 70 kí bọ́ọ̀sì náà tó tún lè gbéra níwájú òtẹ́ẹ̀lì.

Aago 11 àárọ̀ ni ètò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ni kí o ti máa kà á bọ̀ wá síwájú. Bí o bá fẹ́ kí àwọn tó kẹ́yìn dé ní 10:30, bọ́ọ̀sì wọn gbọ́dọ̀ gbéra ní 10:05. Yọ 70 kúrò, ìrìn kejì di 8:55. Yọ 70 míì, ìrìn àkọ́kọ́ di 7:45. Àwọn wọ̀nyẹn yóò dé ní 8:10, wọn yóò sì jókòó fẹ́rẹ̀ẹ́ wákàtí mẹ́ta, bóyá nígbà tí wọn ò tíì ṣí ilẹ̀kùn pàápàá.

Gba bọ́ọ̀sì kejì, ọmọ mi. Kí àkọ́kọ́ gbéra ní 8:55, kó sì padà wá kó àwọn ti 10:05. Kí èkejì gbéra ní 9:30. Ìrìn mẹ́ta náà ni, àmọ́ ẹni tó tètè dé jù yóò dé ní 9:20. Àwọn àgbàlagbà ni kí o fi sí ti 9:30. Mo mọ̀ pé àṣà ni pé ká kọ́kọ́ kó wọn, ṣùgbọ́n ìjókòó pípẹ́ ń dá wọn lágara. Bó bá sì jẹ́ ti ìkẹyìn ni wọ́n wà, tí táyà bá jò, àwọn ni yóò pàdánù ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣe irú èyí, aago 10 ni mo kọ sínú ìwé. Aago 10 ni àwọn èèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ látinú yàrá, tí àwọn míì ń dá kọ́kọ́rọ́ padà, a sì kúrò ní 10:20. Àkókò méjì ni kí o kọ: "Ẹ péjọ ní 9:50, ọkọ̀ yóò gbéra ní 10:05." Fi ẹnì kan tó mọ ojú wọn sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú orúkọ lórí ìwé, kó máa fàmì sí i bí wọ́n ṣe ń wọlé.

Àbọ̀ ló tún le jù, nítorí wọn kì í fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Sọ àkókò ìrìn àbọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí o sì jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tó kẹ́yìn. Bá ẹni tó ni ọkọ̀ sọ̀rọ̀ nípa wákàtí tí iṣẹ́ dírẹ́bà parí. Tèmi parí ní aago 6, ó gbéra lọ, ogún èèyàn sì dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Ẹ̀bi mi ni, mi ò sanwó wákàtí àlékún.

Ní ti yàrá, òtẹ́ẹ̀lì kan ni kí o kó wọn sí, bó bá gbà wọ́n. Ibi ìdúró kejì á tún jẹ ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Bi àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ní ọjọ́ tí wọn yóò tú àwọn yàrá tí ẹnikẹ́ni kò tíì sanwó fún sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí o sì sọ ọjọ́ tó fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìyẹn fún àwọn àlejò.

(Bó bá jẹ́ ìsìnkú ni, ìṣirò yìí kò ní ṣiṣẹ́ láti ibi ìsìn lọ síbi ibojì. Gbogbo wọn ló ń dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà àga gbọ́dọ̀ tó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà: bọ́ọ̀sì mẹ́ta fún èèyàn 78.)

Ìṣẹ́jú 25 tí o kọ yẹn, ọjọ́ wo lo wọ̀n ọ́n? Sátidé tó ń bọ̀, gbéra níwájú òtẹ́ẹ̀lì ní 10:05 gan-an, kí o wo aago nígbà tí o bá dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó tẹ ìwé ètò náà jáde.

Èmi ni,
Ìyá rẹ